Ike Òrí Kan, Àwòrán Mẹ́ta

Obìnrin kan tó ń ṣe òrí tà n'Íbàdàn ló gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, inú rẹ̀ kò sì dùn. Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá ọjà padà. Ẹni náà ní èyí tí òun rí lórí fóònù kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo gba fóònù, mo wo àwòrán tí wọ́n fi polówó: ike kan tó mọ́ lóló, ìdérí rẹ̀ ń kọ mànà bíi góòlù, òrí inú rẹ̀ funfun báláú, ó sì jọ̀lọ̀ bí ìpara tí ẹ̀rọ pò. Mo wá wo ike tó wà lórí tábìlì. Kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ ìdérí rẹ̀ kò dán, òrí inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì ṣe wóro-wóro díẹ̀ bí òrí ṣe máa ń ṣe tó bá rọra dì.

"Ta ló ya fọ́tò yìí fún yín, Mà?"

"Wọn ò yà á o, ọmọ mi. Ọmọkùnrin kan ló fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ó dára, àbí kò dára?"

Ó dára. Ọmọkùnrin náà mọ iṣẹ́, kò sì ní i lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè pé, "Kí ni yóò dé ọ̀dọ̀ mi gan-an?" Àwòrán tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò mọ ìdáhùn, ó kàn múra bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Irú àwòrán mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ọjà hàn. Èkíní ni èyí tó rí bíi fọ́tò, tó ń sọ fún ojú pé báyìí gan-an lọjà yìí rí. Kámẹ́rà lè yà á, kọ̀ǹpútà náà sì lè ṣe é. Ohun tí ojú bá gbà gbọ́ ló ń sọ ọ́ di bíi fọ́tò. Èkejì ni àwòrán pẹlẹbẹ, tí kò ní òjìji, tí kò nípọn, tó jẹ́ ìlà àti àwọ̀ lásán. Ẹ rántí ife tí wọ́n máa ń yà sára páálí láti fi sọ pé ohun inú rẹ̀ lè fọ́: irú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni oníhà mẹ́ta, tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ náà ń pè ní tirí-dì. Ẹ ó mọ ọjà náà nínú kọ̀ǹpútà bí agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi, ẹ lè yí i wò níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ó tan iná sí i, kọ̀ǹpútà yóò wá ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé e, yóò sì gbé àwòrán jáde. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gbé àwòrán jáde yẹn là ń pè ní rẹ́ńdà. Fóònù ràgàjì àti owó ẹyọ tó ń fò lókè nínú ìpolówó báńkì, tó dán, tó rí róbótó bí ohun ìṣeré ọmọdé, oníhà mẹ́ta ni. Kò ṣe bí ẹni pé fọ́tò lòun. Àmọ́ ẹni tó bá ní sùúrù lè ti oníhà mẹ́ta síwájú títí yóò fi wọ ẹ̀wù fọ́tò, ibẹ̀ sì ni wàhálà òrí yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà ni mo kọ́kọ́ gbé. Ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn, tí ń fi sára, tàbí tí ń jẹ, ìrísí ara rẹ̀ gan-an lẹni tó ń rà á fẹ́ rí, kò sì sí ohun tó ń sọ ìyẹn bíi fọ́tò tòótọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tan iná gílóòbù àtijọ́ méjì, èyí tó máa ń gbóná, sún mọ́ ike náà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ojú òrí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán, tí etí rẹ̀ ń yọ́. Ṣebí àtẹ́lẹwọ́ lásán ń yọ́ òrí. Mo pa gílóòbù, mo gbé tábìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í wọlé gba ibẹ̀ tààrà, mo fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé, mo sì na kádíbọ́ọ̀dù funfun sí òdìkejì kí òjìji má bàa dúdú jù. Iná àjà yàrá, pípa ni mo pa á, torí àwọ̀ iná rẹ̀ àti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kì í bára wọn mu. Tí méjèèjì bá jọ bà lé òrí, apá kan yóò rí bí ewé, apá kejì yóò rí bí osùn.

Ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kó máa fara ha ojú òrí kọjá. Ìgbà yẹn ni gbogbo wóro-wóro rẹ̀ àti ojú ibi tí ìka ti wà á yóò hàn. Iná tó ń bù yẹ̀rì láti iwájú fóònù a pa gbogbo ìyẹn rẹ́, òrí a wá rí bí ọ̀dà. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń rú àwọn ọlọ́jà lójú: fóònù fúnra rẹ̀ ń gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe. Tó bá rí ohun pípọ́n tó gba gbogbo ojú rẹ̀, ó lè rò pé iná ló pọ́n, á wá sọ òrí di funfun. Mo máa ń gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Tí bébà bá funfun bó ṣe yẹ, àwọ̀ ọjà náà kò jìnnà sóòótọ́. Mo sì máa ń fà sẹ́yìn, kí n wá fi fóònù fa ọjà náà wá sítòsí ní ìlọ́po méjì, dípò kí n kì í bọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí a bá sún mọ́ jù, iwájú rẹ̀ a wú, ìdí rẹ̀ a sì kéré bí ìdí ọ̀pọ̀lọ́.

Àwọn ibi ìtajà ńlá kan ní òfin tiwọn. Lórí Amazon, fọ́tò tó bá ṣíwájú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn funfun pátápátá, èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà sí 255, 255, 255, kí ọjà náà sì gba ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán. Nítorí náà mo ya òkan lórí bébà funfun, mo ya àwọn yòókù lórí igi.

Ẹ má rò pé kámẹ́rà kì í purọ́ o. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, nínú ìpolówó ọbẹ̀ Campbell ní Amẹ́ríkà, wọ́n da àwọn róbótó dígí tí ọmọdé fi ń ṣeré sí ìsàlẹ̀ àwo, kí ẹran àti ẹ̀fọ́ má bàa rì, kí ọbẹ̀ náà lè rí bí èyí tó kún dẹ́mú. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òwò níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà, ní 1970 wọ́n sì fi òfin dè é pé wọn kò gbọ́dọ̀ polówó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọbẹ̀ tó wà nínú àwo jẹ́ ọbẹ̀ gidi, ẹran rẹ̀ jẹ́ ẹran gidi. Kámẹ́rà kò fi nǹkan kan kún un. Síbẹ̀ ẹni tó wò ó gbà pé òun mọ bí ẹran inú agolo ṣe pọ̀ tó, kò sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí fọ́tò parí, ìyá náà ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára náílọ́ọ̀nù kékeré tí òun fi ń ta òrí olówó pọ́ọ́kú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Náílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, bíi ti píọ̀ wọ́tà, àwọ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n sábà ń tẹ̀ sí i, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní pléètì tirẹ̀. Tí a bá fẹ́ kí fọ́tò gba ibẹ̀ kọjá, a ní láti fọ́ ọ sí tóótòòtó kéékèèké. Náílọ́ọ̀nù ń fà, ọ̀dà ń tàn, àwọn tóótòòtó náà a dàpọ̀. Fọ́tò tí mo fi òwúrọ̀ kan gbáko yà yóò di àbàwọ́n pupa kan tó jọ pé ẹnì kan da epo síbẹ̀.

Àwòrán pẹlẹbẹ ló ni ibẹ̀. Mo ya èso ẹmì kan tí wọ́n là sí méjì, ewé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọ̀ igi fún ìlà, àwọ̀ pupa rúsúrúsú fún inú rẹ̀, ó parí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọ̀ méjèèjì gun ara wọn díẹ̀ ní etí, torí pléètì kì í pàdé ara wọn dáadáa lórí náílọ́ọ̀nù; tí ọ̀kan bá yẹ̀ ní mìlímítà kan, tí wọn kò sì gun ara wọn, ìlà funfun kan yóò là láàrin wọn bí ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà mo sọ àwòrán ọ̀hún di kékeré bí èékánná, mo fi han ọmọ aládùúgbò kan. Ó ní, "Èso ni." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ní òkúta ni, màá tún un yà.

Ibòmíràn tí àwòrán pẹlẹbẹ ti borí ni ẹ̀yìn páálí, níbi tí a ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo òrí: fi ìka bù ú, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́, kó o wá fi para. Mo kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú fọ́tò ọwọ́ ọmọ ìyá náà. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ń sọ̀rọ̀ nípa òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá òrí náà ló sọ èékánná rẹ̀ dà báyìí. Fọ́tò kò mọ ohun tí a ní kó dákẹ́ lé lórí. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń rò. Nígbà tí mo fi ìlà nìkan ya ọwọ́ méjì tó ń ra ara wọn, ọ̀rọ̀ òrùka tán. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń to àga IKEA fi jẹ́ ìlà lásán, tí ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, tí ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní Tókíò sì ń lo ọ̀kan náà.

Ọ̀gá nínú irú iṣẹ́ yìí ni Lucian Bernhard, tó ya ìwé ìpolówó kan fún ìṣáná Priester ní Bẹ̀líìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìtàn tí àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń sọ ni pé tábìlì, sìgá àti àwo eérú ló kọ́kọ́ yà pẹ̀lú ìṣáná náà, tó wá ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju igi ìṣáná méjì àti orúkọ ọjà lọ. Ẹni tó ń sáré kọjá lọ́nà lè kà á láìdúró.

Àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi àwòrán pẹlẹbẹ nìkan ta òrí fún ẹni tí kò tí ì rí i rí. Ojú inú àwòrán náà mọ́ jù. Kò lè sọ bí òrí ṣe le tó, kò lè sọ àwọ̀ rẹ̀ gan-an, ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ kò sì rí ohun tó lè fi mú ọlọ́jà bí ọjà bá yàtọ̀.

Ó ku tirí-dì, èyí tó kó ìyá náà sí wàhálà. Kò yẹ ká lé e lọ torí ìyẹn. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn méjì yòókù kò lè bá a ṣe. Ìyá náà fẹ́ yí ike padà: ìwọ̀n mẹ́ta, ìdérí aláwọ̀ mẹ́rin. Méjìlá nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn láyé. Irin tí wọ́n fi ń mọ ike jáde wọ́n púpọ̀, a kì í sì tún un gé nítorí pé ìdérí kò wu ènìyàn. Ohun tí kò tí ì sí, kámẹ́rà kò lè yà á. Ìdí kan náà ló mú kí IKEA bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kó kíṣìnì odindi wọ yàrá fọ́tò, tí wọ́n tún ń tò ó lọ́tọ̀ fún Amẹ́ríkà àti lọ́tọ̀ fún Jàpáánù. Lọ́dún 2006 ni wọ́n gbé àwòrán ọjà àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà ṣe jáde, àga onígi kan tó ń jẹ́ Bertil. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ráhùn pé àwòrán kọ̀ǹpútà kò dára tó, kí wọ́n padà sí fọ́tò. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn àwòrán náà wò, èyí tí wọ́n ń bú ló jẹ́ fọ́tò, èyí tí wọ́n ń yìn ló jẹ́ ti kọ̀ǹpútà.

Mo gba fáìlì ọmọkùnrin yẹn, mo ṣí i nínú Blender, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ìdí ike kan ni mo kọ́kọ́ fi kálípà wọ̀n: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 68, gíga rẹ̀ 42. A kì í mọ ike lódindi. Ìdajì ìbú rẹ̀ la ń fà bí ìlà, kọ̀ǹpútà á wá yí ìlà náà po. (Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò, àwọn fúnra wọn ló ń yí ìkòkò po, ẹ̀rọ yìí rọrùn jù wọ́n lọ.) Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé etí ìdérí rẹ̀ mú bí abẹ. Kò sí ohun tó jáde láti ẹ̀rọ ike tí etí rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀. Etí gbogbo ohun gidi máa ń rọ díẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan sì máa ń sá gba orí rẹ̀. Tí ẹ bá rí àwòrán ọjà tí ẹ ò mọ ìdí tó fi jọ irọ́, ẹ wo etí rẹ̀. Mo fi Bevel ìdajì mìlímítà sí i, ike náà sì dúró bí ike.

Ìdérí ló tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin náà ti gbé Metallic sí 1, ó sì gbé Roughness sún mọ́ òdo, tó túmọ̀ sí irin tí wọ́n dán bíi dígí. Ìdérí ìyá náà jẹ́ ike tí wọ́n kùn. Metallic di 0, Roughness di 0.45, góòlù náà sì kú pátápátá. Ó jọ ohun tó wà lórí tábìlì.

Òrí fúnra rẹ̀ ló gba àkókò. Ẹ mú ègé òrí kan sókè síbi fèrèsé, ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ń tàn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í dúró lójú òrí. Ó ń wọ inú rẹ̀, ó ń rìn díẹ̀, kó tó jáde. Awọ ara àti àbẹ́là náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Blender, Subsurface ló ń ṣe é. Bí a bá pa á, òrí a rí bí ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, a rí bí ìpara inú gílóòbù. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ dáadáa, síbẹ̀ òrí rẹ̀ kú. Mo wá a títí kí n tó rí i: mítà ni Blender ń kà tí a kò bá sọ fún un, ike rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 68, tóbi ju ilé lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó rin mìlímítà mélòó kan nínú ohun tó tóbi tó ilé kò rin ibì kankan. Mo dín in kù sí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mo fi àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò mi sí i, mo fi wóro-wóro díẹ̀ kún ojú rẹ̀. Rẹ́ńdà kan gba kọ̀ǹpútà mi ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo ní kó yára, àmì kéékèèké bo gbogbo òjìji bí yanrìn, torí kò tí ì tọ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó.

Nítorí náà nọ́ńbà bíi mẹ́rin ló dá ọjà Lọ́ńdọ̀nù padà. Kí wọ́n tiẹ̀ tọ́ gbogbo wọn, èmi kò ní fi rẹ́ńdà ṣíwájú lójú ìwé tí ènìyàn ti ń sanwó fún òrí tó ti wà nílẹ̀. Fọ́tò wà, kò sí ìdí láti fi ohun tí a rò rọ́pò ohun tí a rí. Èyí tí mo ṣe fún ike tuntun yàtọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ bí ohun ìṣeré: ike aláwọ̀ kan ṣoṣo, kò sí òrí nínú rẹ̀, kò sí igi lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé èrò ni, kì í ṣe ọjà. Bí mo bá sọ ọ́ di bíi fọ́tò nísinsìnyí, ẹnì kan yóò ya á lójú fóònù, yóò sì fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ èyí aláwọ̀ búlúù, kó tó di pé wọ́n gé irin rẹ̀.

Ìyá náà wá wo fọ́tò tuntun lọ́jọ́ Sátidé. Ó wò ó, ó fajú ro.

"Ṣé kò pọ́n jù báyìí?"

Mo gbé ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù níbi fèrèsé. Ó wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó tún wo ti ọ̀tún.

"Òrí mi ló pọ́n," ló sọ. Ó wá fa rẹ́ńdà ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá síwájú ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí búlúù.